Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń ṣe ewé ẹ̀gẹ́ mi yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ má bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn díẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí mo gbìn sápá Mọ́níyà ni, ẹ wo fótò yẹn dáadáa. Àmì ara ewé yẹn ò rí róbótó o, ó nígun, iṣan ewé ló dá a dúró, tẹ́ ẹ bá gbé e sójú oòrùn ńṣe ló dà bí ibi tí omi ti rin, ẹ̀yìn ìyẹn ló wá ń di búráùn.

Mo kọ́kọ́ rò pé mòsáíìkì ni àmọ́ ewé ò lọ́, kò kákò. Kòkòrò wínníwínní tó ń fa omi ewé ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn máa ń pọ̀, òjò sì ti ń rọ̀ n'Ìbàdàn, àmì tiẹ̀ náà ò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Bọ̀dá kan ní àmì búráùn lásán ni, ṣùgbọ́n ewé àgbà ìsàlẹ̀ nìyẹn máa ń mú, tèmi ti dé òkè, orí àwọn kan ti ń rọ, oje bíi gọ́ọ̀mù sì ń yọ lára ọ̀pá wọn. Bakitéríà ni mo wá ń fura sí, mi ò tiẹ̀ wọ oko tí ewé bá ṣì tutù mọ́, torí omi àti àdá ló ń gbé e kiri.

Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: ṣé kí n fa àwọn tó ti ń rọ tu kí n dáná sun wọ́n, àbí tí mo bá gé ibi tó ti kú, á ṣì rúwé tó dáa? Ẹ ṣé gan-an ni o.