Ológbò mi ní Kétu: ṣé ẹ̀rù ni àbí ìrora?
Ẹ jọ̀ọ́, láti ìgbà tí aládùúgbò ti gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa ni ológbò mi ò ti fara balẹ̀ mọ́. Tí ẹ̀rọ bá ń dún, etí rẹ̀ á lẹ̀ mọ́rí, irunmú á fà sẹ́yìn mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyẹn yé mi, ẹ̀rù ni. Mo gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn, mo fi páálí ṣe ibi ìsápamọ́ fún un.

Ṣùgbọ́n lóru, tí gbogbo ilé dákẹ́, ó ṣì ń ká jọ, ó fi ìrù wé ẹsẹ̀ pinpin, etí yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, irunmú wá nà tantan síwájú. Ó ń jẹun, àmọ́ kò fò gun àpótí mọ́.

Ṣé irunmú tó nà síwájú báyìí láìsí ariwo túmọ̀ sí pé nǹkan ń dùn ún lára, àbí ẹ̀rù ọ̀sán ni kò tíì tán?