Ìgò parasitámọ̀ méjì, ọmọ kan: mílílítà mélòó ni kí n fún un?

Ìyá Àkọ́bí
Ẹ kú ilé o. Ọmọ mi pé oṣù mọ́kànlá, ara rẹ̀ sì ti gbóná láti òwúrọ̀. Ó ṣì ń mu ọmú, ó ń tọ̀ dáadáa, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí mi. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, kílò 9 ni.

Parasitámọ̀ olómi méjì ló wà nílé. Ìgò kékeré kan wà tó ní dírópà tirẹ̀, wọ́n kọ sí i lára pé mílígíráàmù 100 ló wà nínú mílílítà 1. Ìgò ńlá wà, èyí ní mílígíráàmù 120 nínú mílílítà 5. Àǹtí mi ní kí n fi dírópà yẹn fa mílílítà kan láti inú ìgò ńlá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ṣíbí kan péré, kò sí ìyàtọ̀, parasitámọ̀ ni parasitámọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? N kò tíì fún un ní nǹkan kan.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta
Ẹ má da ara yín láàmú. Ọjọ́ orí wà lára páálí, ohun tí wọ́n bá kọ sí ìlà oṣù mẹ́fà sí ọdún méjì ni kí ẹ fún un. Mílílítà 5 ni ti ìgò ńlá sábà máa ń jẹ́, ìyẹn ṣíbí tíì kan. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn látọjọ́ yìí.

Ìyá Ìbejì
Bàbá, ọjọ́ orí nìkan kò tó o. Ọjọ́ kan náà ni mo bí àwọn tèmi, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n pé oṣù mẹ́wàá, Táíwò wọ̀n tó kílò 7, Kẹ́hìndé ti kọjá 10. Ìlà kan náà ni páálí tọ́ka fún àwọn méjèèjì. Nọ́ọ̀sì tó wọ̀n wọ́n ló ní kí n máa wọn ti Táíwò kéré sí ti Kẹ́hìndé.

Ìyá Eléyín
Eyín ló ń hù! Ti ọmọ tèmi náà gbóná báyìí. Ẹ fún un ní oògùn ọ̀fìnkìn olómi díẹ̀ kó lè sùn, kí ẹ tún fi parasitámọ̀ lé e.

Apòògùn
Ìyá Eléyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ìyẹn kúrò. Parasitámọ̀ máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn, ọmọ á wá gba ìlọ́po méjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò sì tọ́ sí ọmọ kékeré rárá.

Ìyá Àkọ́bí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n ọmọ. Fún kílò kọ̀ọ̀kan, mílígíráàmù 10 sí 15 ni a ń fún ọmọ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ kílò 9, á jẹ́ láti 90 sí 135. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn ná, kí ẹ tó wo ìgò.

Nínú ìgò ńlá, mílílítà kọ̀ọ̀kan ní mílígíráàmù 24. Tí ẹ bá fa mílílítà kan gẹ́gẹ́ bí àǹtí yín ṣe wí, 24 péré lọmọ máa rí gbà. Ara rẹ̀ kò ní rọ̀, ẹ ó sì máa rò pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n mílílítà 5 jẹ́ 120, ó bọ́ sí àárín ohun tí a ń wá. Tí ẹ bá wá bu ṣíbí mílílítà 5 láti inú ìgò kékeré, 500 nìyẹn, ó ju ìlọ́po mẹ́ta ibi tó yẹ kó dúró lọ. Láti inú ìgò kékeré, mílílítà 1 péré ti tó, 100 ni. Ìgò kan ṣoṣo ni kí ẹ mú, kí ẹ gbé èkejì pamọ́ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní ṣèèṣì mú un lóru.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta
Mo gbà ti ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n ṣíbí tíì ń kọ́? Mílílítà 5 náà kọ́ ni?

Apòògùn
Mílílítà 5 ni lórí ìwé, sà. Èyí tó wà nínú ilé ìdáná kì í dọ́gba. Òmíràn á gba 3, òmíràn á kọjá 6, bí ẹ bá sì tún bu ú kún bọ̀ńbọ̀, ó di nǹkan míì. Sírínjì ẹnu tí kò ní abẹ́rẹ́ ni kí ẹ lò, èyí tó ní ìlà títí dé 5.

Ẹ kọ́kọ́ mi ìgò náà dáadáa, nítorí oògùn máa ń sọ̀ sísàlẹ̀: òkè á ṣàn bí omi, ìsàlẹ̀ á le. Ẹ fà á kọjá ìlà 5 díẹ̀, ẹ yí ẹnu sírínjì sókè, kí ẹ fi ìka ta á lára kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè gòkè, kí ẹ wá tì í padà títí etí rọ́bà tó kan oògùn á fi bá ìlà 5 mu. Afẹ́fẹ́ tó bá kù sínú rẹ̀ ń gba ipò oògùn. Ẹ gbé e wá sí iwájú ojú, ẹ má wò ó látòkè. Ẹ gbé ọmọ jókòó, kí ẹ rọra tú u sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe sí ọ̀fun.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ẹ ṣeun, Apòògùn. Èmi máa ń lo 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 135, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mílílítà 5.6. Tí a bá fún ọmọ ní díẹ̀ jù, ìyá á tètè fẹ́ fún un léraléra.

Apòògùn
Kò burú, ṣùgbọ́n nínú ilé, 5 rọrùn láti wọ̀n ju 5.6 lọ. Èmi á dúró sórí 5.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ẹ jẹ́ kí á fi síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a jọ gbà ni pé kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàárín wákàtí 24, wákàtí 4 ó kéré tán láàárín ẹ̀ẹ̀kan sí èkejì, 6 sì sàn jù. Ẹ kọ àkókò sílẹ̀, pàápàá tí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ bá ju ẹyọ kan lọ. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ṣèèṣì fún ọmọ ní púpọ̀ jù, ẹ má dúró wo àmì. Ọmọ lè máa ṣeré lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nígbà tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń bàjẹ́. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá pẹ̀lú ìgò náà, oògùn tó ń gbà á sílẹ̀ wà, ó sì dára jù kó tètè rí i gbà.

Ìyá Àkọ́bí
Mo ti fún un ní mílílítà 5 ti ìgò ńlá, ó tu díẹ̀ sí aṣọ mi. Ṣé kí n fi kún un?

Apòògùn
Rárá, ẹ má fi kún un. Ẹ kò lè mọ iye tó tú jáde. Tó bá jẹ́ pé ó bì gbogbo rẹ̀ kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, ẹ lè fún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dúró de àkókò tó kàn.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Tí kò bá fẹ́ mu ọmú mọ́, tí kò tọ̀ dáadáa, tó ń sùn tí kò ṣeé jí, tàbí tí ibà náà bá wọ ọjọ́ kẹta, ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ti ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, lọ́jọ́ kan náà tí ara rẹ̀ bá gbóná ni kí a gbé e lọ.

Ìyá Àkọ́bí
Ẹ ṣeun gan-an. Tó bá ń sùn nígbà tí wákàtí 6 pé, ṣé kí n jí i mu oògùn?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ẹ jẹ́ kó sùn. Ara tó ń dùn ún tàbí tó ń ni ín lára ni a ń fi oògùn yìí tọ́jú, kì í ṣe nọ́ńbà ara ẹ̀rọ ìwọn ibà.

Ìyá Ìbejì
Èmi máa ń jí wọn o. Táíwò ti ní gìrì nígbà kan.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Mo gbọ́ yín, ìyá mi, ẹ̀rù rẹ̀ tó bani. Parasitámọ̀ kì í dènà gìrì ibà, àní tí ẹ bá tiẹ̀ jí i.