Lẹ́tà sí ìjọ lẹ́yìn iná: ṣé kí a dárúkọ owó báyìí?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Iná jó ilé ìjọsìn wa ní Abẹ́òkúta, a sì ń kọ lẹ́tà sí ìjọ. A ti bá wọn kẹ́dùn nínú rẹ̀, pé ilé ló jó, ìjọ kò jó. A ti sọ gbọ̀ngàn ilé ìwé tí a ó ti máa ṣe ìsìn, a sì ní kí ẹnikẹ́ni má wọ inú àwókù náà.

Èyí tó le jù nìyí. Ògiri ṣì dúró, àwọn ará sì fẹ́ kan páànù lé e kí òjò tó dé. Ṣùgbọ́n kọnkéré tó bá gbóná tó nǹkan bí 300 dìgírì sábà máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, agbára rẹ̀ a sì máa dínkù. Òpó méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ ti pọ́n bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi hámà kàn wọ́n, wọ́n ń dún bí igbá òfìfo. Ẹnjiníà kò tíì yẹ̀ wọ́n wò. Nehemáyà pàápàá kọ́kọ́ yẹ odi wò kó tó pe àwọn ènìyàn síṣẹ́.

A rò ó pé kí a bèèrè owó nínú lẹ́tà yìí, nígbà tí ọkàn ṣì gbóná. Ẹ̀rù wa ni pé bí òpó bá di wíwó, iye tí a dárúkọ yóò yí padà, àwọn ará á sì máa ṣiyèméjì.

Ṣé kí a dárúkọ owó báyìí, àbí kí a dúró de àbọ̀ ẹnjiníà?

Ẹ má bínú pé ó gùn. A dúpẹ́ ṣáájú.