Ìlà àkọ́kọ́ ímeèlì sí ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò mọ̀ wá rí

Ọmọ Ẹ̀gbá, Líìdì

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Mo fẹ́ kọ ímeèlì sí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà tí ó ń ṣe ìwádìí lórí bí a ṣe ń tọ́jú ọkà pamọ́ kí kòkòrò má baà bà á jẹ́, nítorí mo fẹ́ kí ó gbà mí sí abẹ́ rẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé. N kò bá a pàdé rí. Ìlà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ nìyí: «Mo nírètí pé ìwé yìí bá yín ní àlàáfíà. Iṣẹ́ ìwádìí yín tí kò lẹ́gbẹ́ wú mi lórí gan-an, inú mi yóò sì dùn láti wà lára ẹgbẹ́ yín tí ó lókìkí.» Ọ̀rẹ́ mi kan kà á, ó ní oríyìn òfìfo ni, pé kò sí ohun tí ó fi hàn pé mo ka ohunkóhun. Kí ni kí n kọ dípò rẹ̀?

Bọ̀dá Híúsítọ̀n

Àbúrò, má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ dẹ́rù bà ọ́. Èèyàn ni ọ̀jọ̀gbọ́n, oríyìn sì máa ń dùn mọ́ èèyàn. Ohun tí ó kù ni kí o dárúkọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ kan nínú ìlà àkọ́kọ́, kí o kọ àkọlé rẹ̀ tán pátápátá, kí ó lè mọ̀ pé o wo iṣẹ́ òun. Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyẹn, wọ́n sì dá mi lóhùn.

Bàbá Mọrẹ́nikẹ́, Minneápólísì

Mo gba ìdajì ọ̀rọ̀ Bọ̀dá Híúsítọ̀n. Dídárúkọ iṣẹ́ sàn ju oríyìn lásán lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ka ojú ewé kan ṣoṣo lè da àkọlé kọ láti orí Google Scholar, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé irú èyí ni mo ti rí nínú yàrá ìwádìí tí mo ti ṣiṣẹ́, àkọlé náà ni wọ́n máa ń fi sínú wọn, tí gbólóhùn ìyókù yóò sì jọra bí ẹni pé ọwọ́ kan ló kọ wọ́n. Ẹ yọ orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn kúrò nínú ìlà yín, kí ẹ fi orúkọ ẹlòmíràn nínú ẹ̀ka kan náà síbẹ̀. Bí gbólóhùn náà bá ṣì bá a mu, kì í ṣe òun gan-an ni ẹ kọ ọ́ sí.

Ohun kejì ni ìkíni. Mo mọ̀ pé a kò tọ́ wa láti wọlé láìkí ará ilé, ṣùgbọ́n «ẹ ǹ lẹ́ o, ọ̀jọ̀gbọ́n» ti tó. Lójú fóònù, kí ó tó ṣí ìwé náà rárá, àkọlé ímeèlì àti àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ó ṣáájú ni yóò rí. Bí àwọn ọ̀rọ̀ yẹn bá jẹ́ «mo nírètí pé ìwé yìí bá yín ní àlàáfíà», ẹ ti ná àyè yín tán kí ẹ tó débi ọ̀rọ̀.

Nípa èwo nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ mú, ẹ tò wọ́n bí ọjọ́ ṣe tẹ̀lé ara wọn, kí ẹ mú lára àwọn tí ó jáde láìpẹ́, kí ẹ sì wo ibi tí orúkọ rẹ̀ wà láàárín àwọn òǹkọ̀wé. Nínú ìmọ̀ nípa ohun ọ̀gbìn àti kòkòrò, ẹni tí ó ni yàrá ìwádìí ni ó sábà máa ń gbẹ̀yìn, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ náà ni yóò sì ṣáájú. Bí orúkọ rẹ̀ bá wà láàárín òǹkọ̀wé mẹ́sàn-án, ó lè jẹ́ pé irúgbìn lásán ni ó fún wọn, kí ẹ má lọ máa yìn ín fún èrò ẹlòmíràn. Ẹ máa rántí pé ètò yìí kò rí bákan náà níbi gbogbo: ní ẹ̀ka ìṣirò àti ètò ọrọ̀ ajé, lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ni wọ́n sábà máa ń fi tò wọ́n.

Ẹ wá sọ fún wa, ọmọ Ẹ̀gbá: kí ni ẹ̀yin fúnra yín ti fi ojú rí lórí ọ̀rọ̀ kòkòrò inú ọkà?

Ìyá Ìbejì, Mánísẹ́sítà

Ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ yìí, ó bọ́ sí àkókò fún mi. Oúnjẹ ni mo ń sè fún ayẹyẹ, mo sì ti fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn tí ó ni gbọ̀ngàn ayẹyẹ níbí pé oúnjẹ mi dùn, pé kí wọ́n máa pè mí. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ṣé kí n kọ́kọ́ máa yìn wọ́n ni, tàbí kí n fi àwòrán ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù síwájú?

Ọmọ Ẹ̀gbá, Líìdì

Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì nílé, mo lọ sí ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, mo ra ẹ̀wà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, mo sì ka iye hóró tí kòkòrò ti lu nínú kóńgò kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé ọ̀pọ̀ wọn kì í di àpò wọn pa. Wọ́n á tú u láàárọ̀, wọ́n á wọn iye tí oníbàárà fẹ́, wọ́n á ká ẹnu rẹ̀ padà, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí sì kọ nípa àpò onípele mẹ́ta tí a ń dì pa kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Mo ti tún ìlà náà kọ: «Ẹ kọ pé àpò onípele mẹ́ta máa ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí a bá ń tú àpò náà lójoojúmọ́.» Ṣé èyí sàn?

Bàbá Mọrẹ́nikẹ́, Minneápólísì

Ó sàn jù ti àkọ́kọ́ lọ gan-an, ṣùgbọ́n «ẹnikẹ́ni kò tíì wo» yẹn yóò kó yín sí ìjọ̀ngbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àpò yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni ìlà yín yóò ti jáde. Ọ̀rá méjì ni ó wà nínú, àpò híhun sì wà lóde. Bí a bá dì í pa, àwọn kòkòrò inú rẹ̀ fúnra wọn ni yóò mí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ó wà níbẹ̀ tán, wọn kò ní lè jẹun mọ́, wọ́n á gbẹ, wọ́n á sì kú. Ẹ̀wà ni wọ́n tilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nígbà tí àwọn ará Yunifásítì Purdue àti àwọn onímọ̀ ní Kamẹrúùnù jọ ṣiṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1980. Nítorí náà, ìbéèrè yín lágbára: tí a bá ń tú àpò náà, afẹ́fẹ́ tuntun ń wọlé.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹlòmíràn ti béèrè rẹ̀ ṣáájú yín. Àpilẹ̀kọ kan jáde ní 2016 lórí ṣíṣí irú àpò bẹ́ẹ̀, àgbàdo ni wọ́n lò, ohun tí wọ́n sì ń wò ni èbu àti májèlé aflatọ́síìnì. Ẹ lè rí irú rẹ̀ bí ẹ bá tẹ Cited by lábẹ́ iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn lórí Google Scholar, tí ẹ sì wá ọ̀rọ̀ opening láàárín àwọn tí ó jáde. Iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni, òun ni ó sì máa ń ya ẹni tí ó ṣèwádìí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó kàn fẹ́ ṣe bí ẹni tí ó gbọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó mọ iṣẹ́ yẹn, tàbí tí ó tilẹ̀ wà lára àwọn tí ó ṣe é, yóò ti ìwé yín pa ní gbólóhùn yẹn.

Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé bí ẹ bá sọ ohun tí ó wà nínú àkékúrú àpilẹ̀kọ padà fún un, ẹ kò tíì ṣe nǹkan kan, òun ló kọ ọ́. Apá ìparí ni kí ẹ lọ kà, níbi tí wọ́n ti máa ń sọ ohun tí iṣẹ́ wọn kò lè dáhùn. Ìlà tí ó dára máa ń so ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyẹn pọ̀ mọ́ ohun kan tí ó wà lọ́wọ́ yín tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni a ń sọ, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Ẹ fi oríyìn sílẹ̀. Ẹ wo ojú ewé gbọ̀ngàn kan, kí ẹ wo àwọn alásè tí wọ́n kọ síbẹ̀ àti irú ayẹyẹ tí wọ́n gbà láìpẹ́. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ń gba ìgbéyàwó àwọn ọmọ Nàìjíríà, tí kò sì sí alásè kankan nínú ìwé wọn tí ó ń se ọbẹ̀ wa, òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Líìdì

Mo ti wá a, mo sì rí i bí ẹ ṣe wí. Èyí tí mo kọ báyìí nìyí:

«Àpilẹ̀kọ yín tí ó jáde kẹ́yìn parí sí pé a kò tíì mọ bí àpò onípele mẹ́ta yóò ti ṣe lọ́wọ́ àwọn tí ń tà nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn oníṣòwò ẹ̀wà tí mo bá ṣiṣẹ́ ní ọjà Bódìjà, Ìbàdàn, máa ń tú àpò lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Mo rí iṣẹ́ tí ó wo ṣíṣí àpò àgbàdo, n kò tíì rí ti ẹ̀wà lọ́wọ́ ọlọ́jà, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn kòkòrò náà yóò kú kí ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó tún là.»

Lẹ́yìn náà ni mo sọ ẹni tí mo jẹ́ àti ohun tí mo ń béèrè.

Bàbá Mọrẹ́nikẹ́, Minneápólísì

Ẹ jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. «N kò tíì rí» dára, òtítọ́ ni, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ohun kan ṣoṣo tí n ó yí padà ni pé ẹ mú Bódìjà ṣíwájú, nítorí òun ni kò lè rí gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọmọ Ìlọrin, Tòróńtò

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀. Ìlà yìí dára, ṣùgbọ́n bí ọ̀jọ̀gbọ́n náà kò bá ní owó láti gba akẹ́kọ̀ọ́, Bódìjà kò ní mú owó wá. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí NSF Award Search, ojú ewé tí àjọ ìjọba Amẹ́ríkà kan tí ń fún àwọn onímọ̀ ní owó ìwádìí ń kọ àwọn owó náà sí, kí ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ wo ọjọ́ tí owó ìwádìí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí. Bí ẹ bá rí èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ ka àlàyé tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi iṣẹ́ tí òun ṣì fẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwé yín. Àpilẹ̀kọ tí ó ti jáde, iṣẹ́ tí ó ti parí ni.

Bàbá Mọrẹ́nikẹ́, Minneápólísì

Ìmọ̀ràn tí ó dára ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ni owó ti ń wá. Ẹni tí ó ń ṣe ọ̀rọ̀ ọkà lè máa gba tirẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba tàbí lọ́wọ́ àwọn àjọ aláàánú, orúkọ rẹ̀ kò sì ní jáde níbẹ̀. Àìrí i kì í ṣe ẹ̀rí pé kò ní owó. Èmi kò sì ní dárúkọ owó náà ní ìlà àkọ́kọ́, ó dà bí ẹni tí ó ti yẹ àpò onílé wò kí ó tó kan ìlẹ̀kùn.

Ọmọ Ìlọrin, Tòróńtò

N kò ní kí wọ́n dárúkọ owó, iṣẹ́ tí owó náà wà fún ni mo ní kí wọ́n dárúkọ. Èmi kò rí ìwọ̀sí kankan nínú rẹ̀, gbangba ni ìjọba fi í sí.

Bọ̀dá Híúsítọ̀n

Èmi ṣì sọ pé oríyìn kékeré kan kò lè pa ìwé náà. Ọmọ Ẹ̀gbá, fi «ẹ kú iṣẹ́» kan síbẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Líìdì

Mo ti fi í sí ìsàlẹ̀, Bọ̀dá, lẹ́yìn ìbéèrè. Mo ti mú Bódìjà ṣíwájú pẹ̀lú. Lálẹ́ òní ni n ó lọ wo ojú ewé owó ìwádìí yẹn kí n tó tẹ Send.