Àbá ìwádìí ojú-ewé 31, báwo ni ká ṣe sọ ọ́ di 2?

Ọmọ Ìtọ̀kú:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì la kọ àbá ìwádìí kan lórí omi aró tí àwọn aláàdìrẹ ń dà nù ní Ìtọ̀kú, l'Abẹ́òkúta níbí. Ojú-ewé 31 ni. Ohun mẹ́ta la fẹ́ ṣe: ká wọn ohun tó wà nínú omi náà títí dé odò Ògùn, ká yẹ ìlera àwọn aláró wò, ká sì dán asẹ́ eédú kan wò tí aláró lè gbé kalẹ̀ nínú àgbàlá ara rẹ̀. Mílíọ̀nù 42 náírà la ṣírò gbogbo rẹ̀ sí.

A wá rí onígbọ̀wọ́ kan tó ń wá iṣẹ́ lórí omi mímọ́ láàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Kò fẹ́ àbá kíkún. Ojú-ewé 2 péré ló fẹ́ fi ṣa èèyàn lákọ̀ọ́kọ́, owó tó sì máa fún ẹnì kan kò ju mílíọ̀nù 15 lọ, fún ọdún kan. Mo gé e títí, ó ṣì ku 6. Kí ni kí n tún yọ? Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an, torí àgbàlá àwọn ìyá tó tọ́ mi dàgbà ni omi yìí ti ń ṣàn jáde.

Akọ̀wé Ìbarà:
Má da ara rẹ láàmú. Ṣé àkótán wà níwájú àbá yín? Òun ni kí o mú, kí o fẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Orí kọ̀ọ̀kan nínú àbá ńlá, ìpínrọ̀ kan. Tí kò bá tíì gbà, dín ìwọ̀n lẹ́tà kù sí 9, kí o dín àyè etí ìwé kù.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Ìléwó:
Ohun tí wọ́n ṣe fún ọmọ mi nìyẹn o! Súpáfáísọ̀ rẹ̀ ní àbá rẹ̀ ti gùn jù, ó ní kó lọ tún Orí Kejì kọ. Ọmọ mi, lọ bẹ súpáfáísọ̀ rẹ pẹ̀lú sùúrù, wọ́n máa ń gbọ́.

Ọmọ Ìtọ̀kú:
Ẹ ṣeun, mà. Tiwa kì í ṣe ti súpáfáísọ̀, onígbọ̀wọ́ ló ni ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run á gbọ́ ti ọmọ yín.

Bàbá Kẹ́mta:
Mo ti wà lára àwọn tó ń ṣa irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ẹni tó ń kà á ní òkìtì ìwé níwájú, kì í sì í sábàá jẹ́ onímọ̀ aró. Ohun tó ń wá kò pọ̀: ṣé ohun tí a ní a fẹ́ náwó lé lórí nìyí, ṣé ìbéèrè tó ṣe é dáhùn ni, ṣé owó wa á tó o, ṣé àwọn wọ̀nyí lè ṣe é? Ojú-ewé 2 náà ò gbọdọ̀ sọ ju ìyẹn lọ.

Akọ̀wé, ẹ kò jìnnà sí òótọ́ nípa àkótán, ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó. Àmọ́ ẹni tó ti pinnu láti ka ojú-ewé 31 ni wọ́n kọ àkótán fún. Ẹni tí kò tíì pinnu rárá là ń kọ èyí fún. Ti lẹ́tà 9 yẹn, ẹ má ṣe é. Ọ̀pọ̀ onígbọ̀wọ́ ló ń dárúkọ ìwọ̀n lẹ́tà àti etí ìwé nínú ìkéde wọn, tí wọ́n á sì ju ìwé tó bá tàpá sí i sẹ́yìn láì kà á.

Ọmọ Ìtọ̀kú, ìdí tí ó fi ku 6 ni pé gbolóhùn lo ń gé. Iṣẹ́ gan-an ni kí o gé. Ohun mẹ́ta ní mílíọ̀nù 42 kò lè di ohun mẹ́ta ní mílíọ̀nù 15. Ẹni tó ń ṣà á máa rí i lójú ẹsẹ̀ pé o kò ṣírò owó, tàbí pé o kò ní parí rẹ̀. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bá ìkéde wọn mu jù? Asẹ́ eédú ni. Wíwọn omi á wà nínú rẹ̀, torí láìwọn omi kó tó wọ asẹ́ àti lẹ́yìn tó bá jáde, ẹ kò lè mọ̀ bóyá asẹ́ náà ṣiṣẹ́. Ti odò àti ti ìlera, ẹ fi sílẹ̀ de onígbọ̀wọ́ mìíràn.

Kọ ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ síbí ká rí i.

Ọmọ Ìtọ̀kú:
Ẹ ṣé gan-an, sà. Òun nìyí: "Láti ayébáyé ni aṣọ àdìrẹ ti jẹ́ ohun àmúyangàn ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ti kọ̀wé lórí ipa tí ó ń kó nínú ọrọ̀ ajé. Síbẹ̀, kò tíì sí ẹni tó ṣe ìwádìí lórí omi rẹ̀ rí..."

Bàbá Kẹ́mta:
Ìpínrọ̀ yìí dára nínú ìwé ìtàn, ṣùgbọ́n omi kò dé inú rẹ̀ títí di gbolóhùn kẹta. "Kò tíì sí ẹni tó ṣe é rí" léwu púpọ̀. Tí ọ̀kan nínú àwọn tó ń kà á bá ti rí ìwé kan ṣoṣo lórí omi aró, ó parí nìyẹn. Sọ ohun tí kò tíì sí lọ́wọ́ aláró, má sọ ohun tí kò tíì sí láyé. Wo bí èmi á ṣe kọ ọ́:

"Sódà àti háídírọ́ọ̀sì tí àwọn aláró Ìtọ̀kú fi ń rẹ aṣọ máa ń bá omi aró wọ gọ́tà, ó sì ń dé odò Ògùn, níbi tí ilé omi Ìjú àti Àdìyàn ti ń fa omi fún Èkó. Sódà ń mú kí omi máa jó ara, háídírọ́ọ̀sì ń jẹ afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi. Aláró tó ń ṣiṣẹ́ nínú àgbàlá kò ní ohun èlò olówó kékeré tó lè fi tọ́jú omi yìí. A fẹ́ mọ̀ bóyá asẹ́ eédú àti iyanrìn lè ṣe é, àti iye tó máa ná aláró lóṣù."

Gbolóhùn mẹ́rin, ẹ kò sì tíì lo ìdá kan nínú mẹ́ta ojú-ewé kìíní. Ojú-ewé kìíní tó kù ni kí ẹ fi sọ ohun tí ẹ máa ṣe: àgbàlá mélòó, asẹ́ mélòó, oṣù mélòó, kí lẹ máa wọ̀n. Ẹ má dárúkọ ẹ̀rọ ilé àyẹ̀wò kankan. Kí ìdajì ojú-ewé kejì jẹ́ ohun tó máa yí padà àti ẹni tó máa lò ó. Ìyókù, ẹ̀yin àti owó. Iye gbogbo owó àti ibi mẹ́ta tó máa gbà á jù ti tó, àlàyé owó ọkọ̀ di inú àbá kíkún.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fún ẹnì kan tí kì í ṣe onísáyẹ́ǹsì ní ìṣẹ́jú mẹ́ta kó kà á, kí ẹ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, kó wá sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Tó bá ń sọ ìtàn àdìrẹ fún yín, ẹ padà lọ kọ ọ́.

Láfẹ́nwá:
Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ mi ò fara mọ́ yíyọ ìlera kúrò. Àwọn ìyá tó ń fi ọwọ́ lásán wọ inú sódà ni ìwádìí yìí wà fún. Onígbọ̀wọ́ náà fẹ́ gbọ́ nípa èèyàn, kì í ṣe nípa eédú.

Bàbá Kẹ́mta:
Òótọ́ lo sọ nípa àwọn ìyá. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ara èèyàn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn tí à ń wádìí lára wọn, ìyẹn nìkan lè jẹ oṣù díẹ̀ nínú ọdún kan ṣoṣo. Wọ́n lè bi àwọn aláró nípa ìbọ̀wọ́ àti bí wọ́n ṣe ń da omi nù, ìyẹn fúyẹ́ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì lè béèrè àṣẹ.

Láfẹ́nwá:
Kí gbolóhùn kan ṣáá wà nípa wọn lójú-ewé kìíní, sà. Èrò mi ò tíì yí.

Ọmọ Ìtọ̀kú:
Màá wá àyè fún gbolóhùn náà. Sà, ẹ̀gbẹ́ àwọn aláró ńkọ́? A ti bá ìyálọ́jà wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu, wọn ò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan.

Bàbá Kẹ́mta:
Kọ ọ́ bó ṣe rí: "a ti bá wọn sọ̀rọ̀, a ó gba ìwé lọ́wọ́ wọn kí a tó fi àbá kíkún ránṣẹ́." Má kọ pé wọ́n ti gbà.

Aláró Kan:
Mò ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè. Iṣẹ́ aró ni mò ń ṣe. Eédú tó bá ti mu aró yó, ibo lẹ ní ká dà á sí? Ṣé gọ́tà kan náà ni?

Ọmọ Ìtọ̀kú:
Ẹ kú iṣẹ́, mà. A ò ronú kan ìyẹn nínú gbogbo ojú-ewé 31 yẹn.

Bàbá Kẹ́mta:
Ìbéèrè tí èmi náà máa kọ́kọ́ bi yín nìyẹn. Ẹ fi í kún ohun tí ẹ máa wádìí, àyè gbolóhùn kan wà lójú-ewé kìíní.