Ẹ jọ̀ọ́, ibo ló yẹ kí n ti máa sinmi tí mo bá ń sọ irú ẹni tí mo jẹ́ ní intafíù?

Ẹ káàsán o ẹ̀yin èèyàn mi, Ọjọ́bọ̀ ni mo ní intafíù iṣẹ́ sítọ́kípà ní Dùgbẹ̀ níbí, ohun tí mo kọ sílẹ̀ láti sọ nìyí: "Ẹ káàárọ̀ sà. Bísí lorúkọ mi. Ọdún 3 ni mo fi tọ́jú ọjà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Bódìjà. Tẹ́lẹ̀, ọjà máa ń dín, a ò ní mọ̀ àfi ìparí oṣù. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní gbogbo Sátidé, a wá ń tètè rí èyí tó dín. Irú iṣẹ́ yẹn ni mo fẹ́ wá ṣe níbí."

Mo ká a sórí fóònù, mo sáré parí ẹ̀ láìmí, ibi "èmi ni mo bẹ̀rẹ̀" tí mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ dáadáa gan-an ni ohùn mi ti lọ sílẹ̀ jù. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ka ení, èjì nínú ọkàn lẹ́yìn orúkọ, kí n tún kà á lẹ́yìn "ìparí oṣù", àmọ́ tí mo bá ti dákẹ́ báyìí, "ẹ̀ẹ̀ẹ̀n" ló ń jáde lẹ́nu mi. Báwo lẹ ṣe ń dákẹ́ láìsọ ìyẹn? Ṣé kí n fi ilé ìwé tí mo lọ kún un ni àbí kí n fi sílẹ̀ títí wọ́n á fi bèèrè?