Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báńkì dá àkópọ̀ ìwé ẹ̀yáwó oko adìyẹ mi padà

Olóko Ìkirè:
Ẹ̀yin àgbà nídìí ọ̀sìn adìyẹ, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi ni mo fi gbé e wá síbí. Báńkì kékeré kan nílùú wa ní kí n kọ ìwé ètò okòwò wá kí wọ́n tó lè yá mi ní owó ìṣiṣẹ́, wọ́n sì ní kí n fi àkópọ̀ rẹ̀ ṣíwájú, nítorí pé òun ni ìgbìmọ̀ wọn máa ń kọ́kọ́ kà. Mo jókòó, mo kọ ọ́ dáadáa. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, bí bàbá mi ṣe fún mi ní ilẹ̀, bí a ṣe fi ọwọ́ ara wa kan ilé adìyẹ àkọ́kọ́, bí owó àgbàdo àti sóyà ṣe ń gòkè, àti oore tí ẹyin ń ṣe fún ara ọmọdé. Ojú ewé mẹ́rin ni. Ọmọkùnrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó níbẹ̀, tí n kò rò pé ó tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, wá sí oko, ó rìn yí ká, ó ka àwọn kíréètì tó wà nínú yàrá ẹyin, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí ìwé mi padà dé, ohun tó fi bírò pupa kọ sí orí rẹ̀ kò ju "Kò yé wa" lọ. Kí ni kò yé wọn níbẹ̀? Mo ti san owó fọ́ọ̀mù, aládùúgbò mi tí oko rẹ̀ kò tó tèmi sì ti gba owó lọ́wọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ẹ ṣe ń kọ tiyín?

Ìyá Ẹlẹ́yin:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè dé ilẹ̀, n kò rí iye adìyẹ tí ẹ ní, n kò rí iye owó tí ẹ fẹ́ yá, n kò sì rí ìgbà tí ẹ fẹ́ san án. Bí èmi tí a jọ ń gbá ìgbẹ́ adìyẹ kò bá lè mọ̀ ọ́n, báwo ni ẹni tó jókòó sínú ọ́fíìsì yóò ṣe mọ̀ ọ́n? Ẹ má bínú sí ọmọ ọlọ́mọ.

Oníbírọ́ílà:
Ìbéèrè yìí kò le rárá. Èmi yá owó lọ́dún tó kọjá fún bírọ́ílà ọdún Kérésìmesì. Mo kọ ọ́ sínú ìlà méjì pé mo fẹ́ kó ọmọ adìyẹ ní òpin oṣù kẹwàá, pé màá tà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọdún, àti pé màá san owó àti èlé lẹ́ẹ̀kan náà kí oṣù kejìlá tó parí. Wọ́n fọwọ́ sí i. Kí olóko náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó sọ pé òun yóò san án ní oṣù kejìlá.

Akápò Àtijọ́:
Mo ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ẹ̀yáwó àgbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀sìn tèmi, nítorí náà mo ti jókòó ní ìhà méjèèjì tábìlì náà. Òótọ́ ni Oníbírọ́ílà sọ pé ìlà méjì lè tó, ṣùgbọ́n bí owó ṣe ń wọlé fún un kò bá ti ẹlẹ́yin mu. Oníbírọ́ílà a máa náwó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, yóò sì tà wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojoojúmọ́ ni owó ẹlẹ́yin ń wọlé, ojoojúmọ́ náà ni oúnjẹ ń gbé e jáde. Ohun tí ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó fẹ́ rí lójú ewé kan ṣoṣo ni èló, kí ni a ó fi ṣe, àti inú owó wo ni sísan rẹ̀ yóò ti máa jáde. Ìtàn ilẹ̀ àti oore ẹyin lè wà nínú ìwé náà lẹ́yìn. Olóko, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní iye adìyẹ, iye tí ẹ ń ra àpò oúnjẹ, iye tí ẹ ń ta kíréètì, àti ọjọ́ orí àwọn adìyẹ náà.

Olóko Ìkirè:
Ẹ ṣeun. Adìyẹ 1,200 ni. ₦3,000,000 ni mo béèrè fún oṣù mẹ́fà, èlé wọn sì jẹ́ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. ₦17,000 ni mo ń ra àpò oúnjẹ oníkílò 25, ₦5,000 sì ni mo ń ta kíréètì fún àwọn tó ń wá kó o. Mo kọ ọ́ sínú àkópọ̀ náà pé kíréètì 36 ni à ń kó lójúmọ́. Ní ti ìtàn ilẹ̀, n kò gbà pé kò wúlò, nítorí pé báńkì gbọ́dọ̀ mọ irú ẹni tí wọ́n fẹ́ yá lówó. Ohun tó ń dà mí láàmú gan-an ni pé àwọn tó ń kó ẹyin kì í sanwó títí di ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tó ń ta oúnjẹ fún wa kò sì tà á láwìn mọ́.

Alájẹṣẹ́kù:
Ẹ yẹra fún báńkì. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni kí ẹ lọ, èlé wọn kò ga.

Ìyá Ẹlẹ́yin:
Alájẹṣẹ́kù, ẹni tí kò bá ti dá owó sínú ẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀ kò lè rí ẹ̀yáwó gbà níbẹ̀ lọ́la. Báńkì ni ọkùnrin yìí béèrè nípa rẹ̀. Ohun tó ń ba èmi lẹ́rù ni pé wọn yóò ní kó mú ìwé ilẹ̀ bàbá rẹ̀ wá ṣe ìdógò.

Akápò Àtijọ́:
Wọ́n lè béèrè fún un, ṣùgbọ́n òfin kan ti wà láti ọdún 2017 tó gbà kí a fi ohun tó ṣeé gbé kiri ṣe ìdógò, títí kan ẹran ọ̀sìn. Bí báńkì kékeré yìí yóò ṣe gbà á ni n kò lè ṣèlérí.

Olóko, gbólóhùn yín tó gbẹ̀yìn ni àkópọ̀ tí ìgbìmọ̀ ń wá. Adìyẹ kan ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 115 lójúmọ́, 1,200 yóò sì jẹ àpò márùn-ún àbọ̀. Bí ẹ bá ní láti dúró fún ọjọ́ 14 kí owó ẹyin tó dé, àpò 77 ni ẹ gbọ́dọ̀ fi owó yín rà kí kọ́bọ̀ kan tó padà wọlé, èyí tó jẹ́ ₦1,309,000. Owó ìṣiṣẹ́ tí ẹ nílò nìyẹn. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ báyìí pé: "Oko wa ní Ìkirè ní adìyẹ ẹlẹ́yin 1,200. À ń béèrè fún ₦1,300,000 láti fi ra oúnjẹ ọjọ́ 14, nítorí pé àwọn oníbàárà wa ń sanwó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n ojú ẹsẹ̀ ni a ń san owó oúnjẹ." Ẹni tó bá kà á yóò rí ibi tí owó náà gbà lọ àti ibi tó ń gbà padà. Kí ni ẹ fẹ́ fi ₦1,700,000 tó kù ṣe? Mo tún béèrè ọjọ́ orí, ẹ kò dáhùn. Kíréètì mélòó ni ẹ kó lónìí?

Oníbírọ́ílà:
Kí ló dé tí ẹ fi ń dín owó tí èèyàn béèrè kù? Báńkì fúnra wọn yóò ṣáà dín in kù. Béèrè púpọ̀ ni tèmi.

Olóko Ìkirè:
Kíréètì 24 ni a kó lónìí. Wọ́n ti yé 36 rí, ìwé àkọsílẹ̀ mi wà níbẹ̀, n kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ooru ọdún yìí pọ̀, oúnjẹ kan tí a rà kò sì dára. Ní ti ọjọ́ orí, wọ́n wà ní ọ̀sẹ̀ kẹrìnléláàádọ́rin. Èmi kò rò pé ó yẹ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé báńkì, dókítà ẹran ni ọ̀rọ̀ yẹn kàn. Mo fẹ́ fi lára owó náà kó àwọn mìíràn tí mo bá ta àwọn wọ̀nyí.

Ìyá Ẹlẹ́yin:
Há! Ọ̀sẹ̀ kẹrìnléláàádọ́rin! Ọ̀gá, ẹ fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún wa láti àárọ̀.

Akápò Àtijọ́:
Ọmọkùnrin tó ka kíréètì nínú yàrá ẹyin yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ka 36 nínú ìwé, kò sì bá a nínú yàrá. Mẹ́rìnlélógún jẹ́ ẹyin 720, ìyẹn ni pé ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn adìyẹ yín ló ń yé. Ẹ jẹ́ ká wò ó bó ṣe rí gan-an. Ẹyin yóò mú ₦120,000 wọlé lójúmọ́, oúnjẹ yóò gba ₦93,500, yóò wá ku ₦26,500, èyí tó jẹ́ ₦795,000 lóṣù. Bí owó òṣìṣẹ́, oògùn àti epo bá jẹ́ ₦300,000, ₦495,000 ló kù. Sísan ẹ̀yáwó ₦3,000,000 yín ní oṣù kìíní nìkan yóò jẹ́ ₦590,000. Kò tó. Nígbà tí ẹ bá sì tà wọ́n ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ ọgọ́rin, ẹyin á dáwọ́ dúró pátápátá, oṣù mẹ́rin àti àbọ̀ ẹ̀yáwó náà á ṣì wà nílẹ̀.

Nítorí náà, mo yí ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan padà. Owó ìṣiṣẹ́ kọ́ ni ẹ ń wá, owó ìtúnkó adìyẹ ni. Èló ni wọ́n ń ra ògbólógbòó adìyẹ lágbègbè yín, èló sì ni ọmọ adìyẹ ọlọ́jọ́ kan?

Olóko Ìkirè:
₦4,500 ni wọ́n ń dá ògbólógbòó. Ọmọ adìyẹ jẹ́ ₦1,200.

Akápò Àtijọ́:
Ẹ ṣeun. Ẹ óò rí ₦5,400,000 bí ẹ bá ta gbogbo wọn. Ọmọ adìyẹ 1,200 yóò gba ₦1,440,000. Kí adìyẹ kan tó tó ọ̀sẹ̀ kejìdínlógún, yóò ti jẹ bíi kílò mẹ́fà àbọ̀, èyí tó jẹ́ àpò 312 fún gbogbo wọn, nǹkan bíi ₦5,300,000 tí a bá fi iye àpò yín ṣe é. Ẹ fi ìtọ́jú oṣù márùn-ún kún un, ₦1,500,000. Tí ẹ bá yọ owó ògbólógbòó kúrò, nǹkan bíi ₦2,840,000 ni ẹ kò ní. Iye tí ẹ béèrè sún mọ́ ọn gan-an, orúkọ tí ẹ fún un àti àsìkò sísan rẹ̀ ni kò bá a mu. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ fẹ́ kó adìyẹ tuntun, pé èlé nìkan ni ẹ óò máa san títí di oṣù kẹfà, àti pé owó gan-an yóò bẹ̀rẹ̀ sí í padà nígbà tí ẹyin bá ti ń wọlé. Ẹ fi kíréètì 24 síbẹ̀ bó ṣe rí, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn.

Oníbírọ́ílà:
Bí ó bá kọ ọ́ pé adìyẹ òun ti gbó, wọn kò ní fún un ní kọ́bọ̀. Inú owó wo sì ni èlé oṣù márùn-ún yóò ti jáde, nígbà tí ẹyin kò sí?

Ìyá Ẹlẹ́yin:
Ìbéèrè kejì yẹn dára. Ó gbọ́dọ̀ yọ ọ́ sọ́tọ̀ nínú owó ògbólógbòó. Mo tún fẹ́ sọ pé Akápò kò yọ òkú kúrò nínú ìṣirò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó kó 1,200 tó tọ́ gbogbo wọn dàgbà.

Olóko Ìkirè:
Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Màá sọ ọ́ di ojú ewé kan, ṣùgbọ́n n kò ní yọ bàbá mi kúrò, ìlà kan ni màá fún un. Ohun tí mo tún fẹ́ mọ̀ ni bóyá kí n ta àwọn wọ̀nyí kí ìgbìmọ̀ tó jókòó, tàbí kí n fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n lè bá wọn nínú ilé tí wọ́n bá tún wá wò.

Akápò Àtijọ́:
Ẹ má tíì tà wọ́n. Ilé adìyẹ tó ṣófo máa ń bà wọ́n lẹ́rù.

Ìyá Ẹlẹ́yin:
Èmi kò fara mọ́ ọn. Bí ìgbìmọ̀ bá fi oṣù méjì jókòó lé ìwé náà, tí kíréètì 24 sì di 18, ìyẹn ₦90,000 lójúmọ́, oúnjẹ nìkan á ti ju owó ẹyin lọ. Ẹ lọ bi báńkì ní ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ wọn yóò jókòó kí ẹ tó pinnu.